Láàárín «Bó Pẹ́ Bó Yá» àti «Bóyá»

«Mo ń ṣe ìpara àti ọṣẹ ní Ṣómólú, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Kutọnu ni mo sì ti ń ra òrí. Páálí ogójì ni mo bèèrè fún. Wọ́n kọ ímeèlì sí mi lédè Gẹ̀ẹ́sì pé: “Actually we dispose of 25 cartons. The other 15 will eventually be delivered in May. The delay is 3 weeks after payment. We demand you to confirm.” Ọ̀rọ̀ náà kan mí lára, ṣùgbọ́n mo fèsì pé: “No problem. I will eventually pay for the 15.” Mo sanwó páálí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo sì gbà á. Oṣù Karùn-ún kọjá, n kò rí ìyókù. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní àwọn kò ṣèlérí kankan, pé èmi gan-an ni n kò fẹ́ rà á, àti pé àwọn ti tà á fún ẹlòmíràn. Ṣé oníjìbìtì kọ́ ni àwọn èèyàn yìí?»

Ohun tí mo rí nínú ímeèlì wọn kò jọ jìbìtì lójú mi. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni ẹni tí ó kọ ọ́ fi rò ó, àwọn ọ̀rọ̀ tí ó sì kàn yín lára jẹ́ irú èyí tí ojú wọn jọra nínú èdè méjèèjì ṣùgbọ́n tí inú wọn yàtọ̀. «Faux amis» ni àwọn olùkọ́ èdè Faransé ń pè wọ́n, èyí tí àwa lè pè ní ọ̀rẹ́ èké. Láti nǹkan bí ogún ọdún tí mo ti ń túmọ̀ lẹ́tà fún àwọn oníṣòwò láàárín Èkó àti Àjàṣẹ́, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe bí irú lẹ́tà báyìí bá dé ọwọ́ mi ni pé mo máa ń dá a padà sí Faransé ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti wò ó bóyá yóò tọ́. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ tọ́ láìkù síbì kan: «Actuellement, nous disposons de 25 cartons. Les 15 autres seront éventuellement livrés en mai. Le délai est de 3 semaines après paiement. Nous vous demandons de confirmer.» Lẹ́tà ọjà lásán ni èyí, ó sì ní ìtẹríba nínú. Bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá, ohun tí wọ́n wí ni pé páálí 25 ni ó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní báyìí, pé bí ó bá ṣeé ṣe wọn lè fi 15 yòókù ránṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ń gbà láti ìgbà tí owó bá ti wọlé, àti pé àwọn ń fẹ́ kí ẹ jọ̀wọ́ fèsì bóyá ẹ fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí «eventually», nítorí òun ni ó ba ọjà náà jẹ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí a bá sọ pé yóò ṣẹlẹ̀ «eventually» yóò ṣẹlẹ̀ dandan, ọjọ́ rẹ̀ nìkan ni a kò mọ̀. Nínú Faransé, ohun tí a bá sọ pé yóò ṣẹlẹ̀ «éventuellement» lè ṣẹlẹ̀, ó sì lè má ṣẹlẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún méjèèjì, ó sì jẹ́ ohun ẹ̀rín pé àwọn náà fẹ́ fi ojú jọra: ti Gẹ̀ẹ́sì ni «bó pẹ́ bó yá», ti Faransé ni «bóyá». Ilé-iṣẹ́ náà ní bóyá àwọn yóò kó páálí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá ní oṣù Karùn-ún, ẹ̀yin gbọ́ pé bó pẹ́ bó yá yóò dé. Èyí nìkan ìbá ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tún fi ọ̀rọ̀ kan náà dá wọn lóhùn. Ohun tí ẹ ní lọ́kàn ni pé bó pẹ́ bó yá ẹ ó sanwó rẹ̀. Ohun tí ẹni tí ó ka ímeèlì yín ní Kutọnu rí níbẹ̀ ni pé bóyá ẹ ó sanwó rẹ̀. Oníṣòwò wo ni yóò fi òrí pa mọ́ de oníbàárà tí ó kọ̀wé pé bóyá òun yóò san owó? Nígbà tí wọ́n sọ fún yín pé ẹ̀yin ni ẹ kò fẹ́ rà á, wọn kò parọ́. Ohun tí wọ́n kà ni wọ́n sọ.

Àwọn kan yóò ní kí ni ó dé tí ọ̀rọ̀ kan yóò fi jọra báyìí kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀. Láti inú èdè Látìn ni «eventually» àti «éventuellement» ti wá, láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó jáde wá tàbí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Faransé di apá tí ó jẹ mọ́ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ mú, Gẹ̀ẹ́sì di apá tí ó jẹ mọ́ àbájáde àti ìgbẹ̀yìn mú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 1066, nígbà tí àwọn Nọ́máànì ti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èdè wọn sì di èdè ààfin àti ti ilé ẹjọ́. Ọdún 1362 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin pé kí a máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ ní kóòtù. Ibẹ̀ ni líle tí ó wà nínú «demand» ti wá. Láti bèèrè lásán ni «demander» nínú Faransé títí di òní, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn agbẹjọ́rò ni ó ti wọ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí bíbéèrè ti túmọ̀ sí pé kí ènìyàn gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní kóòtù, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fa ojú ro. Nítorí náà, a kò lè sọ pé ẹni tí ó kọ ímeèlì yẹn fi ìkanra bá yín sọ̀rọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan ní Bẹ̀nẹ̀ bá fẹ́ fi ìbínú gbowó lọ́wọ́ ènìyàn, gbólóhùn tí ẹ ó rí lórí lẹ́tà náà ni «mise en demeure», ìyẹn ìkìlọ̀ tí ó ṣáájú ẹjọ́. Bí ẹ bá rí ìyẹn, ẹ má fi ṣeré. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ gba «demand» gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rẹ́ èké ni ó léwu bákan náà, èyí sì ni ohun tí àwọn ìwé tí wọ́n máa ń to ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kì í sọ. Ẹ wo «dispose». «Nous disposons de» túmọ̀ sí pé a ní nǹkan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n «we dispose of» nínú Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé a ti gbé e sọnù tàbí pé a fẹ́ mú un kúrò lọ́dọ̀ wa. Ta ni yóò kọ̀wé sí oníbàárà pé òun ń da òrí páálí 25 nù? Ìtumọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì kò bá ọ̀rọ̀ náà mu rárá, òǹkàwé á dúró, á rẹ́rìn-ín tàbí kí ó bèèrè, kò sì sí ìpalára. Ọ̀rọ̀ tí ó léwu ni èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ méjèèjì wọ inú gbólóhùn náà dáadáa, tí òǹkàwé kò fi ní ìdí kankan láti fura. «Éventuellement» wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni «délai».

Ọ̀rọ̀ «délai» ti kó bá èmi náà rí. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oníbàárà kan ní Èkó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí àwọn tí ń hun aṣọ fún un pé kí ni ó fa ìdádúró tí ọjà rẹ̀ fi pẹ́. Èmi tí mo fi Faransé kàwé láti kékeré kọ «la cause du délai». «Retard» ni ó yẹ kí n kọ. Àkókò tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ni «délai» nínú Faransé, ìdádúró ni «delay» nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èsì tí ó padà wá gùn tó ojú ìwé méjì, wọ́n ṣàlàyé fínnífínní bí wọ́n ṣe ń ṣírò iye ọjọ́ tí aró ń gbà kí ó tó gbẹ àti iye ọjọ́ tí híhun ń gbà, wọn kò sì sọ ohun kankan nípa ìdí tí ọjà fi pẹ́, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Oníbàárà mi rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì kò yè bọ́, àní ó tilẹ̀ lè tètè kó sínú rẹ̀ ju ẹni tí ó gbọ́ ẹyọ kan lọ, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì ti di aládùúgbò ní orí rẹ̀, wọ́n sì ń yá ara wọn láṣọ wọ̀.

«Délai» tún ní ìwà kan tí ó ń da ènìyàn láàmú: kì í ṣe èké ní gbogbo ìgbà. «Sans délai» àti «without delay» jẹ́ ọ̀kan náà, kíá ni àwọn méjèèjì túmọ̀ sí, ẹni tí ó bá sì bá a pàdé níbẹ̀ á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni yóò rí «dans les meilleurs délais», tí yóò rò pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìdádúró tí ó dára, nígbà tí ó jẹ́ pé kíákíá bí ó bá ti lè yá tó ni wọ́n ń wí. «Délai de rigueur» ní tirẹ̀ ni gbèdéke tí kò ṣeé sún.

Ní báyìí, báwo ni ènìyàn tí kò gbọ́ Faransé ṣe lè mọ̀ pé ọ̀rẹ́ èké ni òun ń bá pàdé nínú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì? Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kí àmì rẹ̀ hàn. Nínú ímeèlì yín, wọ́n kọ «eventually» pọ̀ mọ́ «in May». Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ oṣù tí ọjà yóò dé kò tún ní ohun tí yóò fi «bó pẹ́ bó yá» ṣe. Níbi tí ẹ bá ti rí «eventually» lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tàbí oṣù tí a dárúkọ, ẹ fi «bóyá» kà á. «Actually» náà ní àmì tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì máa ń lò ó láti tún ohun tí ẹnìkan ti sọ tàbí tí ó ti rò ṣe, bí ìgbà tí a bá sọ pé «rárá o, bí ó ṣe rí gan-an nìyí». Bí kò bá sí ohun kankan tí a ń tún ṣe, bí ó bá kàn jẹ́ pé iye ọjà tí ó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń sọ, «actuellement» ni, ó sì túmọ̀ sí «ní báyìí». Ní ti «delay», ẹ wo ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀. Ọjọ́ tí ó yẹ kí ọjà dé ni a ti ń ka ìdádúró, ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ tàbí tí owó wọlé ni a ti ń ka «délai», wọ́n sì kọ «after payment» sí tiyín kedere. Àmì ti «demand» wà nínú bí wọ́n ṣe to gbólóhùn náà: Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ pé «demand you to», Faransé ni ó ń sọ pé «vous demander de».

Ímeèlì wọn ní àmì mẹ́rin, èyí tí ẹ kọ sí wọn kò ní ẹyọ kan. «I will eventually pay for the 15» jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán mọ́rán, kò sì sí ohunkóhun tí òǹkàwé Faransé lè rí níbẹ̀ tí yóò fi fura. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé gbólóhùn kan ṣoṣo tí ẹ kọ ṣe ìpalára ju mẹ́rin tiwọn lọ, mo sì mọ̀ pé kò dùn létí. Ẹni tí ó kọ èdè náà dáadáa ni ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé kò fi ojú àpá kankan sílẹ̀.

Mo fẹ́ yà díẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ Faransé «caution» túmọ̀ sí owó ìdúró, ìyẹn èyí tí a fi sílẹ̀ kí a lè gbà á padà bí a kò bá ba nǹkan jẹ́. Ẹni tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí i nínú lẹ́tà kí ó rò pé wọ́n ń kìlọ̀ fún òun ni, nítorí pé ìṣọ́ra ni ó túmọ̀ sí nínú Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́. Ẹni tí ó ti gba ilé ní Èkó rí kò ní ṣìnà níbẹ̀ láéláé, nítorí pé onílé ti gba «caution fee» lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ohun tí ẹ lè ṣe lẹ́yìn èyí, ọ̀nà kan ni pé kí olúkúlùkù máa kọ èdè tirẹ̀, kí ẹ máa kọ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n máa kọ Faransé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dára ní ti pé ẹni tí ń kọ̀wé mọ ohun tí òun ń sọ. Ṣùgbọ́n kò wo àrùn yìí sàn, nítorí pé ojú òǹkàwé ni ọ̀rẹ́ èké ti ń ṣiṣẹ́: ẹ ó rí «éventuellement» nínú lẹ́tà wọn, ẹ ó sì kà á bí «eventually». Ọ̀nà kejì, tí èmi fẹ́ràn jù fún oníṣòwò kékeré, ni kí ẹ bá wọn sọ ọ́ lórí fóònù ní Yorùbá bí wọ́n bá ní ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Sákété, ẹ kò ní pẹ́ rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, àti ní Kutọnu pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Fọ̀n ni ó gbilẹ̀ níbẹ̀ jù. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò ṣeé gbé lọ sí báńkì tàbí fi han kọ́sítọ́ọ̀mù, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ẹ jọ sọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Ẹ lè gba atúmọ̀ èdè, ṣùgbọ́n n kò ní torí pé iṣẹ́ mi ni kí n sọ pé páálí òrí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹ fún un. Fún ìwé àdéhùn tí ènìyàn yóò buwọ́ lù ni kí ẹ pa owó yẹn mọ́ dè.

Ohun tí mo rí pé ó ń ṣiṣẹ́ jù ni kí ẹ yọ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kúrò pátápátá nínú ímeèlì yín, kí ẹ fi ọjọ́, iye àti «bí» rọ́pò wọn. Níbi tí ẹ bá fẹ́ kọ «eventually», ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó san owó náà. Níbi tí ẹ kò bá tíì mọ ọjọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ ń dúró dè. Ẹ kọ «now» dípò «actually», ẹ kọ «late» bí ọjà bá pẹ́, kí ẹ sì kọ «please» níbi tí ẹ bá ti ń bèèrè nǹkan. Gẹ̀ẹ́sì yín lè dà bí ti ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò ní ní ìtumọ̀ méjì.

Ó ku ibi tí ìmọ̀ mi mọ. Ímeèlì méjì péré ni mo rí, n kò rí àwọn tí wọ́n kọ ọ́. Ìdánwò dídá ọ̀rọ̀ padà sí Faransé lè fi hàn pé lẹ́tà kan kò ní ẹ̀tàn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò lè fi hàn pé ẹni tí ó kọ ọ́ jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. Bí wọ́n bá ti gba owó páálí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọn kò sì kó ọjà wá, tàbí bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó sí àkántì tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé-iṣẹ́ náà, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ èdè. N kì í sì í ṣe agbẹjọ́rò, nítorí náà n kò lè sọ ìtumọ̀ tí kóòtù yóò gbà bí ẹnìkan bá kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì ní ti Faransé lọ́kàn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tiyín, owó kankan kò sọnù, wọ́n sì ti kó páálí 25 tí ẹ san owó rẹ̀ fún yín. Bí òrí wọn bá dára, èmi kò ní torí èyí fi wọ́n sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ bèèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ lè kọ ọ́ báyìí, kí ẹ sì fi Faransé rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ nínú ímeèlì kan náà: «Please tell me by 10 June if you have 15 cartons. If yes, I will pay on 12 June.» Lẹ́yìn náà: «Merci de me dire, au plus tard le 10 juin, si vous avez 15 cartons. Si oui, je paierai le 12 juin.» Ẹ kíyè sí i pé «au plus tard le» ni mo lò, n kò lo «avant le», nítorí pé «by 10 June» ka ọjọ́ kẹwàá mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí «avant le 10 juin» lè rò pé ọjọ́ kẹsàn-án ni ó parí.